Fóònù “6GB” tó lọ́ra ju 4GB lọ

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Fóònù 2GB tí mò ń lò ti dá mi lágara. Bí mo bá wà lórí áàpù báńkì tí mò ń wò ó bóyá oníbàárà ti sanwó, tí mo bá fẹsẹ̀ kan lọ sí WhatsApp, kí n tó padà, áàpù ti lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, á ní kí n tún wọlé. Mo ní ₦130,000. Wọ́n fi fóònù tuntun méjì hàn mí ní Pánṣẹ́kẹ́: ọ̀kan 6GB, ìkejì 4GB, wọ́n ní Octa-core ni méjèèjì. Ọmọ mi ní kí n mú 6GB. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ká ní èmi ni, 4GB yẹn ni màá mú. Ọmọ yín kò purọ́ fún yín o, ohun tó wà lára páálí ló kà. Àmọ́ 6GB tó kà yẹn kì í ṣe 6GB.

Lọ́sàn-án àná tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo rìn dé Pánṣẹ́kẹ́. Mo bá àwọn ọmọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwọn fóònù méjèèjì tí wọ́n gbé síta fún oníbàárà. Páálí àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé. Wọ́n kọ 6GB gàdàgbà síwájú rẹ̀, ìràwọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo yí páálí sẹ́yìn, mo wá ìràwọ̀ yẹn rí nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà tí èmi tí mò ń jó wáyà kéékèèké lójoojúmọ́ ní láti súnjú kì kí n tó kà á: `3GB + 3GB`. Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí àmì ìròpọ̀ yẹn, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ kà sí RAM.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìsọ̀ yín ṣàlàyé. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ ń kó àdìrẹ sí, tí ẹ ń tì pa lálẹ́, òun ni àwọn oní-fóònù ń pè ní mẹ́mórì tàbí ROM: 32GB, 64GB, 128GB. Bí fóònù bá kú, tó tún tàn, ẹ ó bá ohun tí ẹ kó síbẹ̀. RAM ni tábìlì iwájú tí ẹ ń tẹ́ aṣọ sí fún oníbàárà. Áàpù tí ẹ bá ṣí, orí tábìlì yẹn ló ń jókòó sí, ìgbà tí ẹ bá pa fóònù ni tábìlì á ṣófo. Prósẹ́sọ̀ wá ni ọmọ ìsọ̀ tó ń sáré gbé aṣọ wá, tó ń tẹ́ ẹ, tó tún ń ká a.

Android fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹrù tí ilé iṣẹ́ ti dì mọ́ ọn, lè gba nǹkan bíi 2GB lórí tábìlì yẹn kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Fóònù tí ẹ ń lò báyìí, 2GB ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé etí tábìlì ni ẹ ti ń tajà látọjọ́ yìí. Bí WhatsApp bá dé, àyè kò sí mọ́, Android á wo áàpù tí ẹ kò fọwọ́ kàn lọ́wọ́, á gbé e jù sílẹ̀ láìbi yín. Nígbà tí ẹ bá padà síbẹ̀, ó ní láti tún un gbé wá láti yàrá ẹ̀yìn, ló fi jẹ́ pé àmì báńkì ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ojú ewé ìwọlé.

Ẹ fara balẹ̀ síbí o, nítorí mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí tí nǹkan kò sì yí padà. Áàpù báńkì a máa lé èèyàn jáde fúnra rẹ̀ bó bá pẹ́ díẹ̀ tí ẹ kò fọwọ́ kàn án, torí àwọn olè. Ìyẹn kò kan RAM rárá, fóònù olówó gọbọi pàápàá á ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ jáde, kí ẹ sì padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì báńkì, tábìlì ló kéré. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti bá oníbàárà ná ọjà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó padà, ọlọ́pàá báńkì ni ẹ bá pàdé.

Ó wá ku 3GB kejì tó wà lára páálí yẹn. Níbo ni wọ́n ti rí i? Yàrá ẹ̀yìn ni. Wọ́n gé díẹ̀ lára mẹ́mórì, wọ́n ní kó máa ṣe bí ẹni pé tábìlì ni. Ẹ ó bá a nínú `Settings`, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù: `RAM Plus`, `Memory extension`, `MemFusion`. Kì í ṣe jìbìtì pátápátá. Áàpù tó bá ń sùn, wọ́n lè gbé e lọ síbẹ̀ dípò kí wọ́n jù ú nù. Ṣùgbọ́n áàpù kò lè ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti pè é, wọ́n ní láti gbé e padà wá sórí tábìlì gidi, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn. RAM inú fóònù olówó pọ́ọ́kú lè kó ju 5GB lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́mórì tí wọ́n sábà máa ń fi sínú irú fóònù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní eMMC, kò lè kọjá 400MB láàárín àkókò kan náà, kì í sì í lè kó ẹrù lọ kó tún kó ẹrù bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní UFS ló ń lọ tó ń bọ̀ pọ̀, ó sì yá ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ẹ bá rí UFS lára fóònù tí owó yín ká, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun ló sì so RAM pọ̀ mọ́ prósẹ́sọ̀. Kí Android tó gbé áàpù kankan jù sílẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú láti ká a mọ́ra, bí ìgbà tí ẹ bá ká aṣọ márùn-ún pọ̀ kí wọ́n lè gba àyè aṣọ méjì lórí tábìlì. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àmọ́ ta ló ń ká a, ta ló sì ń tú u? Ọmọ ìsọ̀ náà ni. Bí tábìlì bá kéré, kíká àti títú ló máa gba ọmọ ìsọ̀ lọ́wọ́ títí, kò ní ráyè dá oníbàárà lóhùn. Bí ọmọ ìsọ̀ ọ̀hún bá wá lọ tún jẹ́ ọ̀lẹ, ìyà di méjì. Ìdí nìyí tí fóònù tí RAM rẹ̀ kéré fi máa ń gbóná nígbà míì láìjẹ́ pé ẹ ń ṣe ohun tó le lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìsọ̀ náà ló kàn. Octa-core tí wọ́n ń pariwo yẹn túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú prósẹ́sọ̀. Mẹ́jọ ni lóòótọ́, lára fóònù méjèèjì. Ohun tí páálí kì í sọ ni irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹlẹ́kọ, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó ti aṣọ kan láti fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí i lára. Bí ọmọ iṣẹ́ méje bá dúró yí i ká, aṣọ yẹn kò ní tìtorí wọn tètè parí. Bí fóònù ṣe ń ṣí áàpù náà nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ tẹ àmì áàpù títí tí ojú rẹ̀ fi hàn, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí ẹni tó já fáfá jù nínú wọn ṣe tó ni kí ẹ bèèrè, ẹ fi iye wọn sílẹ̀.

Mo fi áàpù kan tí wọ́n ń pè ní CPU-Z sórí fóònù méjèèjì kí n lè rí orúkọ prósẹ́sọ̀ wọn. Ọ̀fẹ́ ni nínú Play Store, kò sì tóbi. Ti 6GB yẹn kọ `Unisoc SC9863A`. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, `Cortex-A55` ni gbogbo wọn, mẹ́rin ń sáré dé 1.6GHz, mẹ́rin yòókù 1.2GHz. Ti 4GB kọ `Unisoc T606`: `Cortex-A75` méjì, `Cortex-A55` mẹ́fà, 1.6GHz sì ni gbogbo wọn.

Ọmọ yín lè sọ pé 1.6GHz ló ga jù lára méjèèjì, kí ló wá yàtọ̀? Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. `A55`, àti `A53` tó ṣáájú rẹ̀, tẹ̀-lé-mi-kí-n-tẹ̀-lé-ọ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Bí aṣọ àkọ́kọ́ kò bá tíì gbẹ, wọ́n á jókòó tì í títí á fi gbẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì. `A75` kì í dúró bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń retí kí èyí gbẹ, ó ti ń di oníko tó wà nílẹ̀, ó ti ń gbé èyí tó kù sínú aró. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, iṣẹ́ tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti `A55` lọ jìnnà, bí GHz wọn tilẹ̀ dọ́gba. Wọ́n tún ṣe T606 pẹ̀lú ọ̀nà 12nm, SC9863A sì jẹ́ 28nm. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ ṣe máa ń dín kù tó. Fóònù tó bá gbóná jù a máa dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná, ẹ̀yin ẹ sì mọ bí oòrùn Ìtòkú ṣe ń rí lọ́wọ́ ọ̀sán.

Nítorí èyí, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi kò gùn. Ẹ wá prósẹ́sọ̀ tó ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ ńlá méjì, `A75` tàbí `A76`. Helio G85 ní `A75` méjì tó ń sáré dé 2.0GHz. Helio G99 ní `A76` méjì, ó dáa ju gbogbo èyí tí mo ti dárúkọ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè kọjá tiyín. Ẹ ṣọ́ra fún Helio G25, G35 àti G37. Lẹ́tà G yẹn, géèmù ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, àmọ́ `A53` ni òṣìṣẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. G35 tilẹ̀ ń kọ 2.3GHz sára, èèyàn á rò pé ó yá ju T606 tó kọ 1.6GHz lọ. Kò yá tó o.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ìdánwò tí mo ṣe nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Mo tan họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù mi, mo so fóònù ibẹ̀ mọ́ ọn. Mo ṣí Chrome, mo wọ ojú ewé ìròyìn kan tó gùn, mo fà á dé àárín. Mo jáde láìpa á, mo ṣí kámẹ́rà, mo ya àwòrán mẹ́ta. Mo ṣí YouTube, mo jẹ́ kí fídíò kan lọ díẹ̀. Mo ṣí Play Store. Mo wá padà sínú Chrome.

Lára ti 6GB, ìgbà tí mo tẹ kámẹ́rà, ojú rẹ̀ dúdú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó tó là. Ọmọ tó ń tajà ní àfi kí n ní sùúrù, pé tuntun ni. Nígbà tí mo padà sí Chrome, ó funfun báláú, ó tún ojú ewé náà gbé wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí mo kà dé ti sọnù. Ohun tó ń ṣe yín lórí áàpù báńkì gan-an nìyẹn. Lára ti 4GB, kámẹ́rà là kí n tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bá Chrome ní àárín ibi tí mo fi í sí. Kí n má parọ́, nígbà tí mo fi Maps àti Facebook kún un, òun náà gbé Chrome jù sílẹ̀. Ibi tí agbára 4GB mọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ WhatsApp, kámẹ́rà àti báńkì kan ni ẹ ń yí láàárín wọn, ó máa gbé e. Ẹni tó ń lo báńkì mẹ́ta pẹ̀lú Facebook àti TikTok lẹ́ẹ̀kan náà, 6GB gidi ni kó fowó pamọ́ dè.

Bí áàpù bá ṣí kíá ṣùgbọ́n tí àwòrán inú rẹ̀ kò jáde, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Ẹ má tìtorí rẹ̀ bú fóònù.

Ìdí mìíràn tí mo fi fara mọ́ ìkejì ni yàrá ẹ̀yìn rẹ̀: 128GB ló ní, ìkínní ní 64GB. Android lè gba 15GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 64GB yẹn, RAM àyálò gba 3GB, ìyókù ni ẹ ó máa pín láàárín áàpù àti àwòrán àdìrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya aṣọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí oníbàárà tún ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò ní pẹ́ tó máa kún. Mẹ́mórì tó kún máa ń lọ́ra, ìdí rẹ̀ sì ni pé kò ṣeé kọ nǹkan tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀ lórí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu àyè kan, kí wọ́n tó kọ. Bí àyè òfìfo bá pọ̀, wọ́n ti ń nù ún sílẹ̀ dè yín. Bí kò bá sí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú àwòrán kan ni wọ́n á máa kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíì. Ẹ máa fi nǹkan bíi 10GB sílẹ̀ lófìfo. Káàdì mẹ́mórì lè gba àwòrán, ẹ má fi áàpù síbẹ̀.

Wọ́n lè tún fi tòkunbọ̀ lọ̀ yín níbẹ̀, pé pẹ̀lú ₦130,000 ẹ lè rí fóònù ńlá 8GB. Tòkunbọ̀ gidi wà, àmọ́ mo ti jìyà ẹ̀ rí. Mo ra ọ̀kan fún bàbá mi lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ. `About phone` kọ 8GB àti 256GB, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀, èmi ẹnjiníà! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bàbá ní àwòrán tí òun ń yà ń di eérú, pé kò sí ojú èèyàn níbẹ̀ mọ́. Mo fi CPU-Z sí i, `MT6580` ló jáde, `Cortex-A7` mẹ́rin, RAM 1GB. Wọ́n ti tún ohun tí `About phone` ń kọ kọ. Ohun tó yẹ kó ti ta mí lólobó ni pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, 4G kò yọjú lókè fóònù yẹn rí, 3G ló ń gbé. MT6580 kò mọ 4G rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá máa wo tòkunbọ̀, ẹ fi káàdì SIM yín tó ń gba 4G sínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wo òkè.

Tó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ra 4GB yẹn, wọn kò ní tú páálí tuntun kí ẹ tó sanwó, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn. Èyí tó wà níta ni ẹ ó dán wò. Ṣùgbọ́n orúkọ fóònù kan náà lè wà ní 2GB, 3GB àti 4GB, páálí wọn á sì jọra bí ìbejì. Ẹ ka bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páálí tí wọ́n bá gbé fún yín, kó jẹ́ `128GB + 4GB` ló wà níbẹ̀: níbí, 128GB ni yàrá ẹ̀yìn, 4GB ni RAM. Tí wọ́n bá ti tú u, ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wọ `About phone`, ẹ wo iye RAM kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ tẹ `*#06#` bí ẹni fẹ́ pe èèyàn. Nọ́ńbà IMEI tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì yín.